Ọfà wo ló gbé ìròyìn owó dé? Bí mo ṣe ka àwòrán ìsanwó orí íńtánẹ́ẹ̀tì fún aláṣọ òkè kan ní Ọjẹ́

Ẹrù aṣọ òkè tó tó ₦85,000 ló kúrò ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ọjẹ́, nílùú Ìbàdàn, tí kọ́bọ̀ kan kò wọlé lórí rẹ̀. Sáìtì ìtajà wọn ló ní ẹni tó rà á ti sanwó. Wọ́n di ẹrù, wọ́n gbé e lọ sí páàkì ní Ìwó Róòdù, ó dèrò Èkó, ó parí síbẹ̀. Kí ọkàn wọn tó balẹ̀, oníbàárà mìíràn pè pé báńkì ti yọ ₦48,500 òun lẹ́ẹ̀mejì lórí ọjà kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ sáìtì náà ṣì ń sọ pé òun kò tíì san nǹkan kan. Ohun tó jẹ́ kí ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù pè mí nìyẹn. Wọn ò ní kí n wá tún sáìtì ṣe o. Wọ́n ní kí n wá ka bébà kan fún àwọn.

Bébà yẹn gan-an ló bí mi nínú jù. Ẹni tó kọ́ sáìtì náà gba owó iṣẹ́ rẹ̀ pé, ó wá fi àwòrán kan sílẹ̀, ọfà méjìlá tó ń lọ tó ń bọ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ní èdè àwọn onísọ́fítíwíà. Nígbà tí ìyá bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀, ó ní nẹ́tíwọ̀kì ni. Irọ́ ni. Ohun tó fa wàhálà méjèèjì wà lórí bébà tó fi sílẹ̀ yẹn, ó kàn jẹ́ pé kò sẹ́ni tó kà á fún ẹni tó ni owó.

Síkúẹ́ǹsì dáyágíráàmù ni wọ́n ń pe irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Mi ò ní í pẹ́ lórí bí wọ́n ṣe ń yà á, Mermaid ni mo fi yà á, irinṣẹ́ kan tó ń sọ ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ di àwòrán, ọ̀fẹ́ ni. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé mo yọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà lára ọfà kúrò, mo sì kọ ohun tí ẹnu èèyàn lè sọ rọ́pò rẹ̀. Paystack ni ṣọ́ọ̀bù náà fi ń gbowó, ìyẹn ni mo pè ní Agbàsanwó níbẹ̀:

```
sequenceDiagram
  autonumber
  participant O as Oníbàárà
  participant S as Sáìtì wa
  participant A as Agbàsanwó
  participant B as Báńkì oníbàárà
  O->>S: Mo fẹ́ ra aṣọ yìí
  S->>A: Ẹnì kan fẹ́ san 4850000
  A-->>S: Ojú ewé tó ti máa san án nìyí
  S-->>O: Lọ san án níbẹ̀
  O->>A: Káàdì mi nìyí
  A->>B: Ṣé owó wà níbẹ̀?
  B-->>A: Ó wà, mo ti yọ ọ́
  A-->>O: Ó ti bọ́ sí i, padà sí sáìtì
  O->>S: Mo ti san án o
  A->>S: charge.success
  S->>A: Ṣé lóòótọ́ ni?
  A-->>S: success, 4850000
```

Orúkọ mẹ́rin ló wà lókè, ìlà kan sì ń sọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí ojú bá ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ni àkókò ń lọ, nítorí náà ohun tó wà lókè ló kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. Ọfà tí ìlà rẹ̀ gùn gbọọrọ láìjá jẹ́ ẹnì kan tó ń bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀. Èyí tí ìlà rẹ̀ ń já jẹ́ èsì ọ̀rọ̀. Kò sí ohun mìíràn láti mọ̀ nípa kíkà rẹ̀, ìyá sì mú un kíákíá.

Nǹkan méjì péré ni wọ́n bi mí léèrè kí a tó dé ibi tó le. Àkọ́kọ́ ni iye tó wà lára ọfà 2. Wọ́n ní, “Mílíọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀ ó lé? Ta ló ń ra aṣọ iye yẹn lọ́wọ́ mi?” Kọ́bọ̀ ni Paystack ń kà, kì í ka náírà. ₦48,500 lọ́nà ọgọ́rùn-ún ló di 4850000. Kò yẹ kí a fò ó dá fún ẹni tó ni ọjà, nítorí bí ẹni tó kọ́ sáìtì bá gbàgbé láti sọ náírà di kọ́bọ̀, ₦485 ni wọ́n máa yọ lọ́wọ́ oníbàárà, sáìtì á sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìkejì ni ìbéèrè tó dáa jù tí mo gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni lórí irú àwòrán yìí. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ọfà wo ni owó mi wá gbà wọlé?” Kò sí ọ̀kankan. Ọ̀rọ̀ ni gbogbo ọfà méjèèjìlá ń gbé, kò sí èyí tó gbé owó dé báńkì ìyá. Ọfà 7 ń sọ pé owó ti kúrò lọ́wọ́ oníbàárà, ó parí síbẹ̀. Owó fúnra rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn, ní ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e, nígbà tí Paystack bá kó ti gbogbo oníbàárà ọjọ́ náà pọ̀ ránṣẹ́ sí àkáǹtì ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n á ti yọ owó iṣẹ́ wọn: ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún, àti ₦100 lé e bí ọjà bá tó ₦2,500, ṣùgbọ́n kì í kọjá ₦2,000 lápapọ̀. Lórí ₦48,500, ₦827.50 nìyẹn, ₦47,672.50 ni ìyá sì máa rí. Tí ẹ bá ń ka àwòrán yìí fún oníṣòwò, ẹ tètè sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá rò pé owó ló ń rìn lórí ọfà á máa ṣọ́ àkáǹtì báńkì rẹ̀ kó tó di ẹrù, oníbàárà á sì máa retí ẹrù títí di ọjọ́ kejì. Ìròyìn owó ló yẹ kó ṣọ́. Ìròyìn wo wá ni?

Ibẹ̀ ni a ti dúró pẹ́. Ẹ padà wo àwòrán láti ọfà 7 lọ sísàlẹ̀. Báńkì ti yọ owó. Agbàsanwó ti mọ̀. Sáìtì wa nìkan ni kò tíì mọ̀. Ọ̀nà méjì ni ìròyìn lè gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀: ọfà 8 àti 9 ń gba ọwọ́ oníbàárà kọjá, ọfà 10 sì ń ti ọ̀dọ̀ Agbàsanwó lọ tààrà sí sáìtì. Ìyá kò gbà pé ọ̀nà méjì ni. Lójú wọn, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ lẹ́ẹ̀mejì. “Ṣebí oníbàárà ló sanwó? Ta ló tún yẹ kó sọ fún wa ju òun lọ?” Mo ṣàlàyé títí, kò wọlé. Mo sọ nípa sáfà, mo sọ nípa búráúsà, ó tún wá burú sí i. Inú bí mi díẹ̀, mo mọ̀ pé inú bí àwọn náà.

Ohun tó là á ni pé mo mú abala bébà funfun kan, mo fi bo ìlà Oníbàárà mọ́lẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo ní, “Ẹ jẹ́ ká ní dátà ẹni yìí tán lẹ́yìn tó tẹ OTP, tàbí bátìrì fóònù rẹ̀ kú, tàbí ó rí alẹ́ẹ̀tì báńkì, ó sì pa ojú ewé náà dé. Ọfà wo ló ṣì dé ọ̀dọ̀ yín, Mà?” Wọ́n fi ìka wọn tọ àwòrán náà sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọfà 8 ti wọ abẹ́ bébà. Ọfà 9 abẹ́ bébà ló ti ń jáde. Ìka wọn dúró sórí ọfà 10. “Èyí nìkan ló kù.”

Mo fẹ́ràn ọgbọ́n bébà yẹn gan-an, mo sì ń fún ẹnikẹ́ni tó bá ní irú iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ ní ìmọ̀ràn pé kó bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, kó má fi àlàyé ẹnu ṣe nǹkan kan. Ẹ bo ẹni tí ẹ kò lè gbẹ́kẹ̀ lé, kí ẹ wá wo ọ̀rọ̀ tó ṣì ń kọjá.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ oníbàárà ₦48,500 ti yé wọn láìjẹ́ pé mo tún sọ ọ́. Báńkì yọ owó rẹ̀ ní ọfà 7. Fóònù rẹ̀ kò dé ọfà 9. Sáìtì ṣọ́ọ̀bù náà kò gbọ́ràn sí ẹlòmíràn yàtọ̀ sí ọfà 9, nítorí náà ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò tíì sanwó. Nígbà tí oníbàárà padà wá, tó rí i bẹ́ẹ̀, ó tún tẹ ibi ìsanwó. Sáìtì fún un ní nọ́ńbà ìdúnàádúrà tuntun, èyí tí wọ́n ń pè ní `reference`. Paystack rí i bí ọjà tuntun, kò sì sí ìdí tí báńkì fi máa kọ̀. Wọ́n tún yọ owó.

Ti ẹrù ₦85,000, apá kejì ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ọfà 9 lè ṣàì dé. Ó sì lè dé láìsí owó nídìí rẹ̀, nítorí ẹnu oníbàárà ló ti ń jáde. Nígbà tí ìsanwó bá parí, ojú ewé tí fóònù rẹ̀ máa ń padà sí lórí sáìtì náà rí báyìí:

```
https://example.com/thank-you?order=1043
```

Sáìtì náà kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Bí ojú ewé yẹn bá ti ṣí, á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọjà 1043 ti sanwó. Ẹni tó bá ti ra nǹkan níbẹ̀ rí ti rí àdírẹ́sì yẹn. Ohun tó kù fún un ni kó mú aṣọ tó wù ú, kó wo nọ́ńbà tí sáìtì fún ọjà náà, kó má dé ibi ìsanwó rárá, kó kàn fi nọ́ńbà tuntun rọ́pò 1043, kó sì tẹ ẹ́ wọlé. Ọfà 1 ṣẹlẹ̀, ọfà 9 ṣẹlẹ̀, gbogbo ohun tó wà láàárín wọn kò ṣẹlẹ̀. Ìyá fi ohun tí wọ́n mọ̀ wé e fúnra wọn: bí oníbàárà tó na fóònù rẹ̀ sí wọn lójú pé àwọn wo alẹ́ẹ̀tì tí òun fi ránṣẹ́, tí fóònù tiwọn kò sì dún. Wọn kì í tìtorí fóònù oníbàárà gbé aṣọ fún un nínú ọjà Ọjẹ́. Sáìtì wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún wọn lójoojúmọ́.

Ọfà 10 ni fóònù tiwọn tó dún. Lẹ́yìn tí owó bá ti bọ́ sí i, Paystack á pe àdírẹ́sì kan lórí sáìtì náà fúnra rẹ̀, á fi ìròyìn tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ `charge.success` sílẹ̀ níbẹ̀. Ìyá tún bi mí pé kí ni kò ní í jẹ́ kí olè náà pe àdírẹ́sì yẹn. Ìbéèrè gidi ni. Èdìdì wà lórí ìròyìn náà, `x-paystack-signature` ni orúkọ rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ àṣírí tó wà láàárín ṣọ́ọ̀bù àti Paystack nìkan ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìròyìn náà. Sáìtì á ṣe ìṣirò kan náà, bí méjèèjì kò bá bára mu, á da ìròyìn náà nù. Ọfà 11 àti 12 wá jẹ́ pé kí sáìtì tún padà lọ bi Paystack fúnra rẹ̀:

```
GET https://api.paystack.co/transaction/verify/REFERENCE
```

Nǹkan mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ wò nínú èsì: kí `status` jẹ́ `success`, kí `amount` bá iye ọjà mu ní kọ́bọ̀, kí `reference` jẹ́ ti ọjà yẹn gan-an. Ọ̀pọ̀ ń wo ti àkọ́kọ́ nìkan. Ẹni tó san ₦100 náà ń gba `success`.

Wọ́n ní bí sáìtì bá ti kú nígbà tí Paystack pè ńkọ́? Paystack ń retí kí sáìtì dá 200 padà, ìyẹn ni pé mo ti gbọ́. Bí kò bá rí i, á tún pè ní ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta lẹ́ẹ̀mẹrin, lẹ́yìn náà á máa pè ní wákàtí wákàtí títí wákàtí 72 á fi pé. Èyí túmọ̀ sí pé ìròyìn kan náà lè dé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nítorí náà sáìtì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò ó bóyá wọ́n ti kọ `reference` yẹn sílẹ̀ rí. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹrù méjì lè jáde lórí owó kan.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó mú mi bínú jù nínú gbogbo rẹ̀. Ọfà 10 wà lórí àwòrán tí ẹni yẹn fi sílẹ̀. Ó yà á dáadáa. Lórí sáìtì gidi, kò sí níbẹ̀. Nínú dáṣíbọ́ọ̀dù Paystack, lábẹ́ Settings, níbi tí wọ́n kọ `API Keys & Webhooks` sí, àyè méjì ló wà fún àdírẹ́sì tí wọ́n máa pè: `Test Webhook URL` àti `Live Webhook URL`. Ó fi àdírẹ́sì sí ti àkọ́kọ́. Ìkejì ṣófo. Káàdì ìdánwò, 4084 0840 8408 4081, ló fi ṣe àfihàn fún ìyá lọ́jọ́ tó gba owó iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́, nítorí káàdì ìdánwò ń lọ sí ọ̀nà ìdánwò. Owó gidi kò ní ẹni tó máa gbé ìròyìn rẹ̀. Ojú ewé ìdúpẹ́ yẹn ló wá ń ṣe iṣẹ́ tí kò yẹ kó ṣe, kò sì sẹ́ni tó mọ̀.

Àwòrán ń sọ ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀. Kò lè jẹ́rìí pé ó ṣẹlẹ̀. Bí mo bá tún ń ka irú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, orí ọfà kọ̀ọ̀kan ni màá ti máa béèrè pé, “Níbo ni mo ti lè fojú rí i pé eléyìí ti kọjá?” Ti ọfà 2, `reference` á wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Ti ọfà 7, wọ́n á kọ Success síwájú rẹ̀. Ẹni tó dé ojú ewé ìsanwó tó pa á tì láìsan, Abandoned ni wọ́n ń kọ sí tirẹ̀. Ti ọfà 10, ojú ewé ọjà lórí sáìtì gbọ́dọ̀ yí padà sí “ó ti sanwó” láìjẹ́ pé fóònù oníbàárà padà wá.

Bí a ṣe dán èyí tó kẹ́yìn yẹn wò nìyí, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi káàdì ìdánwò ṣe é fún yín. A fi ọjà ₦100 kan sórí sáìtì. Wọ́n rà á láti orí fóònù ọmọ iṣẹ́ wọn pẹ̀lú káàdì gidi. Bí alẹ́ẹ̀tì báńkì ṣe dún, ọmọ náà pa dátà rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí fóònù má bàa ráyè padà sí sáìtì. Lórí fóònù mìíràn, a ṣí ojú ewé ọjà náà. Kò tíì sanwó, ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn, ó sì wà bẹ́ẹ̀. Ìyá fi ojú ara wọn rí i pé ọfà 10 kò sí. Owó iṣẹ́ Paystack lórí ₦100 jẹ́ ₦1.50, torí náà ìdánwò yìí kò wọ́n ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó kọ́ sáìtì ni wọ́n ní kó wá tún un ṣe, nítorí iṣẹ́ tó ti gbowó rẹ̀ ni. Lọ́tẹ̀ yìí, ìyá mọ ohun tí wọ́n ń béèrè. Wọ́n ní kó fi àdírẹ́sì sí àyè Live, kó pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `sk_test_` sí èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `sk_live_` níbi tó ti ń ṣírò èdìdì, kó sì gba agbára lọ́wọ́ ojú ewé ìdúpẹ́. Ó fẹ́ gba owó mìíràn. Wọ́n na bébà náà sí i, wọ́n gbé ìka lé ọfà 10, wọ́n ní, “Èyí tí o yà fún mi tí o ò fi síbẹ̀ nìyí.” Kò tún sọ̀rọ̀ owó mọ́. Inú mi dùn jọjọ.

Lẹ́yìn tó parí, a tún ra ọjà ₦100 náà, a tún pa dátà. Ojú ewé ọjà náà yí padà fúnra rẹ̀.

Fún àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ń di ẹrù, òfin kan ṣoṣo ni ìyá fi lélẹ̀. Kí wọ́n tó gbé ẹrù jáde, kí wọ́n ṣí Transactions lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, kí wọ́n rí i dájú pé Test Mode kò sí lára, kí wọ́n wá `reference` ọjà náà, kí wọ́n rí Success, kí iye tó wà níbẹ̀ sì bá ti ọjà mu. Àwòrán ojú fóònù tí oníbàárà fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp kò wọ inú rẹ̀.

Iṣẹ́ tó kù ni ti ẹ̀yìn. Gbogbo ọjà tí sáìtì ti kọ “kò tíì sanwó” sí láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí i ni a ní láti fi wé àkọsílẹ̀ Paystack, nítorí ẹni tó pariwo kò pọ̀ tó ẹni tí fóònù rẹ̀ kò padà wá. A gba àkọsílẹ̀ ìdúnàádúrà sílẹ̀ láti orí dáṣíbọ́ọ̀dù, a to `reference` méjèèjì síra. Àwọn kan wà níbẹ̀ tí owó wọn ti wọlé tipẹ́, tí wọn kò rí aṣọ, tí wọn kò sì pè. Àwọn wọ̀nyẹn ni ìyá ń pè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan báyìí, láti bi wọ́n bóyá aṣọ ni wọ́n ṣì fẹ́ tàbí kí wọ́n dá owó padà.